Ìlà 414 kọ́ ló jẹ̀bi: àkámọ́ tí a kò pa dé, àti ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kéde àṣìṣe

Àkótán

Bí a bá ṣí àkámọ́ kan nínú fáìlì tí a kò sì pa á dé, ìlà tí kọ̀ǹpútà máa dárúkọ lè jìnnà gan-an sí ìlà tí àṣìṣe náà wà. Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, mo lo àkójọ ọ̀rọ̀-orúkọ 410 tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo fi hàn pé ìlà tí a dárúkọ kì í ṣe irọ́, ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn ni. Mo tún fi hàn pé bí a bá ṣe àtúnṣe níbi tí kọ̀ǹpútà tọ́ka sí, ètò lè ṣiṣẹ́ kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ èké.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Mo ń ṣe ìwádìí lórí fáwẹ̀lì tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Mo gba ọ̀rọ̀ 410 sílẹ̀ lẹ́nu àwọn abẹ́nà ìmọ̀ ní agbègbè Kétu, mo sì tẹ̀ wọ́n sínú fáìlì Python kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́ta: ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé, àti fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò tò wọ́n ní a-b-d. Mo tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ wọn ṣe bára tan: ẹ̀yà ara ló ṣáájú, lẹ́yìn náà omi, igi àti ohun àyíká, lẹ́yìn náà ilé àti ohun èlò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ wọ́n síbí ní àkọtọ́ àjùmọ̀lò kí ó lè rọrùn láti kà:

```python
oro = [                        # ìlà 1
    ["orí", "tête", "o"],      # ìlà 2
    ["irun", "cheveux", "i"],  # ìlà 3
    # ...
    ["ẹ̀jẹ̀", "sang", "ẹ",       # ìlà 37
    ["omi", "eau", "o"],       # ìlà 38
    # ...
]                              # ìlà 412

nomba = len(oro)               # ìlà 414
```

Ẹni tí ó bá wo ìlà 37 dáadáa yóò rí i pé àkámọ́ ìparí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ kẹ́yìn nínú ẹ̀yà ara lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo tẹ kọ́mà, oorun ń kùn mí, mo pa kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì gidi, kò sẹ́ni tó kọ "ìlà 37" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà 411 ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà, gbogbo wọn sì jọra lójú.

Nígbà tí mo ní kí ètò náà ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí Python 3.8 wà nínú rẹ̀, ohun tí ó kọ nìyí:

```
  File "oro.py", line 414
    nomba = len(oro)
    ^
SyntaxError: invalid syntax
```

Mo wo ìlà 414 títí. Mo tún un tẹ̀. Mo yí orúkọ "nomba" padà sí òmíràn. Mo wá a bóyá àmì ohùn kan ló yọ́ wọlé síbẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà, nítorí pé kò sí àbùkù kankan lára ìlà 414.

Mo gbé fáìlì kan náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tèmi, tí Python rẹ̀ jẹ́ tuntun. Láti ẹ̀dà 3.10, tí ó jáde ní 2021, Python ti ń gbìyànjú láti sọ àkámọ́ tí kò padé gan-an. Èsì yàtọ̀:

```
  File "oro.py", line 1
    oro = [
          ^
SyntaxError: '[' was never closed
```

Ó ní àkámọ́ tí mo ṣí ní ìlà 1 ni n kò pa dé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo pa á dé. Ó wà ní ìlà 412, ó dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, kedere. Ẹ̀dà kan ń na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ fáìlì, èkejì ń na ọwọ́ sí òkè rẹ̀, ẹlẹ́bi sì jókòó jẹ́ẹ́ láàárín wọn.

2. Ìbéèrè tí atúpalẹ̀ ń bi ara rẹ̀

Kí Python tó ṣe ohunkóhun nínú ètò kan, ó kọ́kọ́ ń tú fáìlì náà palẹ̀ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ nínú síńtáàsì. N ó máa pe apá tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní atúpalẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń kà. Bí ó bá ti gba ẹyọ ọ̀rọ̀ tàbí àmì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ara rẹ̀: "Ǹjẹ́ ọ̀nà kan ṣì wà tí ohun tí mo ti kà títí dé ibí yìí lè gbà parí lọ́nà tí ó bá gírámà mu?" Bí ọ̀nà bá wà, yóò máa lọ. Ibi tí kò bá ti sí ọ̀nà mọ́ ni yóò ti pariwo.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Ẹnì kan ní: "Ilé tí ọkùnrin náà kọ́ ní èṣí lẹ́bàá ọjà." Ó dákẹ́. Olùgbọ́ ń retí nǹkan: kí ni ilé náà ṣe? Ó wó ni àbí wọ́n tà á? Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jáde, kò sí èyí tí olùgbọ́ lè nàka sí pé òun ló burú. "Lẹ́bàá" dára, "ọjà" dára. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló sọ fún un pé nǹkan kù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í sì í ṣe ibi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀.

Bí ó ṣe rí ní ìlà 37 nìyẹn. Lẹ́yìn `"ẹ",` atúpalẹ̀ ń retí ohun mìíràn nínú àkójọ kékeré náà. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni `["omi", "eau", "o"]`. Gírámà Python gbà pé àkójọ lè wà nínú àkójọ, nítorí náà kò sí ìjà. Ó ka omi sí nǹkan kẹrin nínú àkójọ ẹ̀jẹ̀, ó ka èyí tí ó tẹ̀ lé omi sí ìkarùn-ún, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ 374. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì lè parí dáadáa."

Ní ìlà 412, ó rí `]`. Ó pa àkójọ kan dé. Èyí tí mo ṣí ní ìlà 1 ṣì wà ní ṣíṣí lójú tirẹ̀. Bí a bá wà nínú àkámọ́, Python kì í ka òpin ìlà sí òpin gbólóhùn, ìlà 413 tó ṣófo kò sì ní ìtumọ̀ kankan fún un. Ohun tí ó ń retí ni kọ́mà tàbí `]` mìíràn. Ó wá bá `nomba` pàdé. Lẹ́yìn àkójọ tí a ti pa dé, láìsí kọ́mà, kò sí gbólóhùn Python kankan tí ó lè tẹ̀ síwájú báyẹn. Ìlà 414 ni ọ̀nà ti tán, ìlà 414 ló sì dárúkọ.

Nítorí náà, ìlà tí wọ́n dárúkọ kò sọ pé "ibí ni o ti ṣe àṣìṣe." Ohun tí ó ń sọ ni pé "ibí ni mo ti mọ̀ pé àṣìṣe wà." Èyí tó wúlò fún wa níbẹ̀ ni pé bí ohun kan bá sọnù, kò lè sọnù lẹ́yìn ibi tí a ti mọ̀. Kò pọn dandan kí á ka ohunkóhun tí ó wà nísàlẹ̀ ìlà 414. Òkè ni kí á gbà.

3. Ta ni àkámọ́ ìparí yìí pa dé?

Ìdí tí ẹ̀dà tuntun fi fẹ̀sùn kan ìlà 1 nìyí. Atúpalẹ̀ ń tọ́jú àwọn àkámọ́ tí ó ṣì wà ní ṣíṣí bí ẹni tí ó ń to abọ́ léra. Àkámọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ abọ́ kan tí a gbé lé orí àwọn tó kù. Àkámọ́ ìparí kọ̀ọ̀kan sì ń mú abọ́ kan kúrò, èyí tí ó wà lókè pátápátá. Èyí tí a ṣí kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ pa dé.

Àwa onímọ̀ èdè mọ irú ìdè yìí. Noam Chomsky lo irú rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1957 láti fi hàn pé gírámà tí kò ní ibi ìrántí bẹ́ẹ̀ kò lè tó fún èdè ènìyàn. Ní Yorùbá, ẹ wo "náà" tí ó máa ń parí àpólà-orúkọ: "Ilé tí ọkùnrin tí mo rí náà kọ́ náà ti wó." "Náà" àkọ́kọ́ parí àpólà "ọkùnrin", èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn. "Náà" kejì parí àpólà "ilé", èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Ká ní mo gbàgbé "náà" àkọ́kọ́, tí mo ní, "Ilé tí ọkùnrin tí mo rí kọ́ náà ti wó." Ẹ ó ṣì gbọ́ mi, nítorí pé ẹ mọ̀ pé ilé ni a ń kọ́, pé ilé ló sì ń wó. Ìmọ̀ yín nípa ayé ló bá yín tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Atúpalẹ̀ kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àti omi kì í ṣe ọ̀kan nínú èkejì. Kò ka àlàfo tí mo fi síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àlàfo kò ní ìtumọ̀ fún Python nínú àkámọ́. Kò mọ̀ pé `]` tí ó dá dúró ní ìlà 412, tí ó fara ti etí òsì, ni mo pète fún `[` ti ìlà 1. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nígbà tí ó dé ìlà 412, abọ́ méjì ló wà nílẹ̀: ti ìlà 1 nísàlẹ̀, ti ìlà 37 lórí rẹ̀. Ó mú ti òkè. Ó fi àkámọ́ ìparí tí ó jẹ́ ti ìlà 1 pa ìlà 37 dé. Nígbà tí fáìlì tán, abọ́ kan ló ṣẹ́kù, abọ́ ìlà 1. Ó sọ òtítọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti kà á: àkámọ́ ìlà 1 ni kò padé.

Bí ọmọ kan bá wọ bàtà ẹlòmíràn lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, ẹni tí ó jáde kẹ́yìn ni kò ní rí bàtà wọ̀. Òun ni yóò máa ké, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣi bàtà wọ̀.

Bí a bá fi ìkéde méjèèjì pọ̀, wọ́n di ààlà. Ẹ̀dà tuntun fún wa ní ìlà 1, ẹ̀dà àtijọ́ fún wa ní ìlà 414. Ohun tí ó sọnù wà láàárín wọn.

4. Àtúnṣe tí ó ba iṣẹ́ jẹ́

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, nítorí pé mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe é. Ẹ̀dà tuntun ní `[` kan kò padé. Mo lọ sí ìlà 413 tí ó ṣófo, mo tẹ `]` kan síbẹ̀. Àṣìṣe parẹ́. Ètò ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú mi dùn, mo sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sínú tábìlì fún orí kejì iṣẹ́ mi.

Tábìlì náà sọ pé fáwẹ̀lì "e" àti "ẹ" ló bẹ̀rẹ̀ ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀-orúkọ mi. Mo ti ń kọ ìpínrọ̀ tí yóò ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ń darí iṣẹ́ mi kà á, ó bi mí pé:

"Ọ̀rọ̀ mélòó lo kà kí o tó rí ìdá yìí?"

"410 ni, ọ̀gá."

"Ṣé o kà á, àbí o rò ó?"

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ní kí ó tẹ `nomba` jáde. Ó kọ 36.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti ìlà 2 dé ìlà 36 jẹ́ ọ̀rọ̀ 35. Ìlà 37 ṣe ìkẹrìndínlógójì, gbogbo ìyókù sì ti wọ inú rẹ̀. Àkójọ ẹ̀jẹ̀ kò ní nǹkan mẹ́ta mọ́: ó ní mẹ́ta tirẹ̀ àti àkójọ 374 tí ó gbé mì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 377. Ètò mi kò bèèrè ju nǹkan kẹta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan lọ, nǹkan kẹta nínú àkójọ ẹ̀jẹ̀ sì ni "ẹ", bí ó ti yẹ. Kò sí ibi tí ètò náà ti lè kọsẹ̀.

Èsì náà kò sì jọ irọ́, ohun tó léwu nínú rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ 36 náà, ẹ̀yà ara ni gbogbo wọn. Etí, ẹnu, eyín, èjìká, èékánná, ẹ̀yìn, ẹsẹ̀, egungun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀jẹ̀: 12 nínú 36 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "e" tàbí "ẹ". Ìdá 33 náà tọ̀nà fún ẹ̀yà ara inú àkójọ mi. N kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nípa ọ̀rọ̀-orúkọ lápapọ̀. Ká ní a-b-d ni mo tò wọ́n, ọ̀rọ̀ "a" nìkan ni ì bá kù, mà bá sì ti fura lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe tò wọ́n ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, fífi àkámọ́ ìparí síbi tí ariwo ti ń wá kì í ṣe àtúnṣe. Ó ń dín iye àkámọ́ tí kò padé kù sí òdo, atúpalẹ̀ kò sì bèèrè ju ìyẹn lọ. Bóyá àkámọ́ kọ̀ọ̀kan rí ẹnìkejì tí a pète fún un, ìyẹn kò kàn án.

5. Bí a ṣe ń rí ìlà tí ó jẹ̀bi

Ọ̀nà tí ó yá jù ni láti lo abọ́ tí a tò léra yẹn fúnra wa. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tí a fi ń kọ ètò máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àkámọ́ kejì bí a bá gbé atọ́ka lé ọ̀kan. Ẹ yọ `]` àfikún kúrò, kí ẹ gbé atọ́ka lé `]` ìkẹyìn tí ẹ mọ̀ pé ó tọ̀nà, èyí tí ó wà ní ìlà 412. Ẹ retí pé ìlà 1 ni yóò tàn. Bí ó bá jẹ́ ìlà 37 ló tàn, ẹ ti rí ẹlẹ́bi: òun ni ó gba ìparí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí àkámọ́ kan ṣoṣo bá sọnù nínú irú àkójọ yìí, ìgbésẹ̀ kan náà ti tó.

Bí ohun èlò yín kò bá lè ṣe èyí, ẹ pín àkójọ sí méjì. Ẹ da ìdajì àwọn ìlà sínú fáìlì tuntun, láàárín `[` àti `]`, kí ẹ sì ní kí Python kà á. Ìdajì tí kò ní àbùkù yóò kọjá, èyí tí ó ní i yóò ké. Ẹ tún pín èyí tí ó ké sí méjì. Fún ìlà 410, pípín mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù, nítorí pé ìlọ́po méjì lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 512. Bí ìdajì méjèèjì bá ké, àṣìṣe ju ọ̀kan lọ, kí ẹ tọpa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀nà méjèèjì ní ààlà kan. Bí àkámọ́ kan bá sọnù níhìn-ín tí òmíràn sì lé lọ́hùn-ún, bíi ti àtúnṣe èké mi, kò sí ariwo mọ́ tí a lè tẹ̀ lé. Ìrísí dátà ni a ó yẹ̀ wò nígbà náà:

```python
for i, ila in enumerate(oro):
    if len(ila) != 3:
        print(i, len(ila))
```

Lórí fáìlì mi, ohun tí ó tẹ̀ jáde ni `35 377`. Òdo ni Python ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì wà ní ìlà 2, nítorí náà 35 jẹ́ ìlà 37. Láti ọjọ́ náà, ìlà mẹ́ta yìí ló ń ṣáájú ìṣirò èyíkéyìí tí mo bá fẹ́ ṣe.

Ọ̀nà kan tún wà láti dènà rẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí àṣìṣe mi rìn jìnnà ni pé àkámọ́ òde àti ti inú jẹ́ ẹ̀yà kan náà, tí ọ̀kan sì lè dúró fún èkejì. Ká ní mo lo àkámọ́ rìbìtì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, tí mo fi onígun sílẹ̀ fún òde nìkan, `]` ti ìlà 412 ì bá bá `(` ti ìlà 37 pàdé lórí abọ́, wọn kì bá sì bára mu. Python 3.8 pàápàá mọ èyí:

```
  File "oro.py", line 412
SyntaxError: closing parenthesis ']' does not match opening parenthesis '(' on line 37
```

Ìlà 412 ló ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó dárúkọ ìlà 37 fúnra rẹ̀. Àmì tí ó yàtọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún atúpalẹ̀ ohun tí ìtumọ̀ ń ṣe fún olùgbọ́.

6. Bí àmì àyọlò bá ni kò padé

Àmì àyọlò yàtọ̀ sí àkámọ́, nítorí pé àmì kan náà ló ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Kò sí abọ́ tí a ń tò. Ó dà bí bọ́tìnì iná: ìtẹ̀ kan tàn án, ìtẹ̀ kejì pa á. Bí ọ̀kan bá sọnù, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò yí padà sódì: ohun tí ó wà níta di inú, ohun tí ó wà nínú di ìta.

Python fi òfin kan dáàbò bò wá: àmì àyọlò lásán kò lè kọjá òpin ìlà rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ ní ìlà 37, ìlà 37 ni yóò ké. Ẹ̀rù wà fún àyọlò onímẹ́ta `"""`, tí a gbà láàyè kí ó kọjá ìlà.

R kò ní òfin yẹn, ó sì kan àwa tí a ń fi Faransé túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ká ní àkójọ mi wà nínú fáìlì lásán, tí mo kọ "l'eau" sí ìlà 38 àti "l'arbre" sí ìlà 60. Mo wá kà á báyìí:

```r
oro <- read.table("oro.txt", sep = "\t")
```

Bí a kò bá sọ nǹkan mìíràn, `read.table` ka `"` àti `'` méjèèjì sí àmì àyọlò. Àmì tí ó wà nínú "l'eau" ṣí àyọlò, èyí tí ó wà nínú "l'arbre" ló pa á dé. Ìlà 23 di ìlà kan ṣoṣo, nǹkan mẹ́ta ló sì ṣì wà lórí rẹ̀: ọ̀rọ̀ omi, ìtumọ̀ gígùn kan tí ó gbé gbogbo àárín mì, àti fáwẹ̀lì igi. Ọ̀rọ̀ 22 ti lọ láìsí ariwo. Bí iye irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì kò bá ṣe é pín sí méjì ni R yóò ṣe ìkìlọ̀ `EOF within quoted string`, ìkìlọ̀ sì ni, kì í ṣe àṣìṣe. Oògùn rẹ̀ ni láti fi `quote = ""` kún àṣẹ náà, kí a sì fi `nrow(oro)` wé iye ìlà tí a mọ̀.

7. Ìparí

Mo dá àkámọ́ padà sí ìlà 37, mo yọ èyí tí mo fi sí ìlà 413, mo sì tún tábìlì orí kejì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ tí mo ti kọ nípa "e" àti "ẹ" kò sí níbẹ̀ mọ́. Lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan nísinsìnyí, iye ọ̀rọ̀ tí a kà wà níbẹ̀. Ètò náà ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, n kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.